Bí Ilẹ̀ Oníná Kò Bá Gbóná: Ẹ Wọn Nǹkan Mẹ́ta Kí Ẹ Tó Fọ́ Táìsì

Kò sí ẹni tó ń gbé Akúrẹ́ tó nílò wáyà iná tó ń mú ilẹ̀ ilé gbóná. Ẹ bọ́ bàtà lọ́sàn-án oṣù Kejì, kí ẹ tẹ sìmẹ́ǹtì àgbàlá, ẹ ó mọ̀ pé oòrùn ti parí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ iná tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa tí wọ́n ti wọ Ìlú Ọba báyìí ń bá a pàdé nínú balùwẹ̀ àwọn oníbàárà wọn, fóònù sì ni wọ́n fi ń bi mí. Ìbéèrè náà kì í yí padà: "Ọ̀gá, ilẹ̀ yìí kò gbóná, ṣé kí n fọ́ táìsì?"

Kò tíì tó àkókò. Gbogbo wáyà tó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà ló parí sínú àpótí kan lára ògiri, lẹ́yìn tẹmosítáàtì, ẹ̀rọ tó ń tan iná ilẹ̀ náà tó sì ń pa á. Ibẹ̀ lẹ ti lè wọn nǹkan mẹ́ta tí yóò sọ fún yín bóyá sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru ilẹ̀ ló bàjẹ́, tàbí wáyà tó ń gbóná, tàbí tẹmosítáàtì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbé òòlù kó tó wọ̀n wọ́n ń ba ilé onílé jẹ́ lásán. Torí ẹ̀yin tó ti wà lọ́hùn-ún àti ẹ̀yin tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ ni mo ṣe kọ èyí.

Ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀

Máàtì ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ sí balùwẹ̀. Wáyà tín-ín-rín ni, wọ́n tò ó mọ́ nẹ́ẹ̀tì ní kọ́lọkọ̀lọ, ó ń lọ, ó ń bọ̀, àlàfo tó wà láàárín ìlà kan àti èkejì sì dọ́gba. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo 150 wáàtì fún mítà onígun mẹ́rin kan. Nínú wáyà yìí ni ohun tó ń gbóná wà. Rọ́bà bò ó, lẹ́yìn náà ni ẹ̀wù irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá yí i ká. Ní orí rẹ̀ kan, wọ́n so ó mọ́ wáyà lásán tí kì í gbóná, èyí tó gun ògiri lọ bá tẹmosítáàtì.

Sẹ́ńsọ̀ dá dúró ní tirẹ̀. Wáyà kékeré olójú méjì ni, ó ní orí róbótó ní ìparí. Inú páípù ló yẹ kó wà, kí orí rẹ̀ bọ́ sí àárín ìlà wáyà méjì tó ń gbóná, kó má sún mọ́ ọ̀kan ju èkejì lọ, kó sì wọ inú ibi tí máàtì dé dáadáa. Bó bá fara kan wáyà gbígbóná, yóò máa rò pé gbogbo ilẹ̀ ti gbóná. Bó bá wà nítòsí páípù omi gbígbóná, bákan náà ni yóò ṣì í lọ́nà. Ẹ dí ẹnu páípù náà nísàlẹ̀ kí gọ́ọ̀mù táìsì má baà wọ inú rẹ̀, torí ọjọ́ tí sẹ́ńsọ̀ bá kú, páípù yẹn ni ẹ ó fi fa òkú jáde tí ẹ ó sì ti tuntun wọlé. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan tẹ sẹ́ńsọ̀ mọ́ inú gọ́ọ̀mù láìsí páípù, nítorí owó páípù kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó táìsì.

Iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ kò ju báyìí lọ: bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbóná sí i ni óòmù rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó, ń lọ sílẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ kílóòmù 10 nígbà tí ilẹ̀ bá wà ní dígírì 25. Ní dígírì 20, yóò tó 12.5. Ní dígírì 10, yóò gun dé nǹkan bí 20. Ní dígírì 30, yóò wálẹ̀ sí 8. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo sẹ́ńsọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀: àwọn kan jẹ́ kílóòmù 12 ní dígírì 25, àwọn mìíràn jẹ́ 15. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló da nǹkan rú nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin tó wà nílé lè dá ọwọ́ yín lára yá kí ẹ tó dé ibi òtútù. Ẹ ra sẹ́ńsọ̀ kílóòmù 10 kan, kí ẹ so mítà mọ́ ọn. Lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù nínú ooru Akúrẹ́, nǹkan bí 8 ni yóò kà. Ẹ fún orí rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, yóò tún wálẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ́ yìnyín inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan sínú kọ́ọ̀bù, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ ki orí sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò gun dé 32 tàbí 33, torí yìnyín tó ń yọ́ wà ní dígírì òdo. Bí nọ́ńbà bá ń yí díẹ̀díẹ̀ tí kò fò sókè fò sílẹ̀, sẹ́ńsọ̀ náà yè. Ẹni tó bá ti ṣe èyí kò ní í bẹ̀rù nọ́ńbà náà mọ́ lójú iṣẹ́.

Kí ẹ tó tú àpótí

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú tẹmosítáàtì. Ṣé ó ń béèrè ooru? Púpọ̀ nínú wọn máa ń fi àmì kékeré kan hàn, bí ahọ́n iná tàbí ìlà wíwọ́, nígbà tí wọ́n bá ń rán iná sí máàtì. Bí àmì kò bá sí, ẹ gbé nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ ga ju èyí tó ń kà lọ. Bó bá dún "táà" tí àmì sì yọ, ó ti gbọ́. Ẹ tún wò ó bóyá ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ sí ètò ìrìn-àjò tàbí aago rẹ̀ ti sáré. Bí `E1` tàbí `Err` bá wà lójú rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi sọ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kan ń lò kọ́ ni òmíràn ń lò, nítorí náà ìwé tó bá a wá ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ bi onílé bákan náà pé kí ló yí padà láìpẹ́. Ṣé wọ́n kun ògiri ni? Ṣé wọ́n lu ihò sí ilẹ̀ kí wọ́n lè de ilẹ̀kùn tàbí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ọn? Ìdáhùn ìbéèrè yìí máa ń dín iṣẹ́ kù ju mítà lọ nígbà mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa iná láti ibi bírékà, kí ẹ yọ fíúùsì ọ̀nà tó lọ sí ilẹ̀ náà, kí ẹ sì fi ohun ìdánwò fi hàn pé iná kò sí níbẹ̀ mọ́. Mi ò sọ èyí torí àṣà lásán. Nínú àwọn tẹmosítáàtì kan, ojú ibi tí sẹ́ńsọ̀ wọ̀ gan-an ní iná tó ń pa ènìyàn lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáyà rẹ̀ tín-ín-rín bí ti aago. Ọ̀nà iná ilẹ̀ balùwẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní bírékà tó ń já bí iná bá ń jò, èyí tí wọ́n kọ `RCD` 30 mA sí lára. Bí kò bá sí, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ sọ fún onílé. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin wà lórí iṣẹ́ iná inú balùwẹ̀. Ẹ bá oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yin náà yóò fi ní ìwé. Bí ẹ bá jẹ́ onílé tí kì í ṣe oníṣẹ́ iná, ibi ojú tẹmosítáàtì ni iṣẹ́ yín parí sí.

Ìwọ̀n mẹ́ta náà

Ẹ tú tẹmosítáàtì kúrò lára ògiri, kí ẹ ya fọ́tò bí wáyà ṣe wọ̀ ọ́, kí ẹ tó tú wáyà sẹ́ńsọ̀ méjèèjì àti wáyà máàtì kúrò pátápátá. Bí ẹ bá wọ̀n wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì so mọ́ tẹmosítáàtì, óòmù inú ẹ̀rọ náà ni yóò dà pọ̀ mọ́ tiwọn, ìwọ̀n yín kò sì ní jámọ́ nǹkan kan.

Èkíní ni sẹ́ńsọ̀. Ẹ gbé mítà sí kílóòmù, ẹ kan ojú wáyà méjèèjì, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹ fi tẹmọ́mítà lásán lé orí táìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè mọ bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó ní tòótọ́, kí ẹ wá fi wé àwọn nọ́ńbà tí mo kọ sókè. Àárọ̀ kùtù, kí iná tó tàn, ló dára jù fún èyí, torí òkè táìsì àti abẹ́ rẹ̀ yóò ti dọ́gba nígbà náà.

Èkejì ni óòmù máàtì, láàárín wáyà rẹ̀ méjì tó ń gbé iná. Ẹ má ṣe méfò iye tó yẹ kó kà. Ẹ ṣírò rẹ̀:

```
R = V² ÷ P
```

R ni óòmù, V ni fóòtì, P ni wáàtì tí wọ́n kọ sára máàtì. Wọ́n máa ń gbà kó dín ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó lé ní ìdá 10. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé bí iná Akúrẹ́ bá wálẹ̀ sí 180 fóòtì, gílóòbù kì í mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí máàtì: èyí tó jẹ́ 150 wáàtì lábẹ́ 230 fóòtì kò ní ju 92 lọ lábẹ́ 180. Ṣùgbọ́n óòmù rẹ̀ kò yí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé óòmù ju ohun tí ẹsẹ̀ yín bá sọ lọ.

Ẹ̀kẹta ni jíjò iná. Mítà lásán kò lè ṣe é, ẹ nílò mẹ́gà, ẹ̀rọ tó ń wọn bóyá iná ń jò, èyí tó lè ti 500 fóòtì. Ẹ so wáyà méjì tó ń gbé iná pọ̀ mọ́ ara wọn, kí ẹ fi ẹnu mẹ́gà kan sí wọn, kí ẹ fi èkejì sí ẹ́ẹ̀tì máàtì. Máàtì tó yè máa ń kà ju mẹgaóòmù 100 lọ. Bí kò bá tó mẹgaóòmù 1, iná ń jò, kò sì gbọdọ̀ gba iná títí ẹ ó fi rí ibi tó ti ń jò. Ẹ má ṣe fi mẹ́gà kan sẹ́ńsọ̀ tàbí tẹmosítáàtì láéláé. 500 fóòtì yóò pa wọ́n lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì di ẹni tó dá ìṣòro kejì sílẹ̀.

Balùwẹ̀ kan ní Líìdìsì

Àbúrò ìyàwó mi, ọmọ Akúrẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ iná ní ìlú Líìdìsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pè mí lórí balùwẹ̀ kan. Máàtì mítà onígun mẹ́rin 3 ló wà lábẹ́ táìsì. Ọdún díẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ dáadáa, kí onílé tó kun ògiri, tí wọ́n sì pààrọ̀ tẹmosítáàtì àtijọ́ sí tuntun tó lẹ́wà. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ojú tẹmosítáàtì ń sọ pé ilẹ̀ ti dé dígírì 28, ẹsẹ̀ onílé ń sọ pé irọ́ ni. Onílé ti gbà pé wáyà abẹ́ ilẹ̀ ti gbó, ó sì ti ń wá ẹni tí yóò ta táìsì fún un.

Mo ní, "Àbúrò, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná." Ó dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí iná tó tàn, ó gbé tẹmọ́mítà lé táìsì: dígírì 19. Ojú tẹmosítáàtì ń sọ 23. Ìyàtọ̀ dígírì 4 rèé, nígbà tí ohunkóhun kò tíì gbóná. Ibẹ̀ ni mo ti ń fura.

Ó pa iná, ó tú wáyà, ó wọn sẹ́ńsọ̀: kílóòmù 13.1. Sẹ́ńsọ̀ kílóòmù 10 tó wà ní dígírì 19 gan-an ló máa ń kà bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe sẹ́ńsọ̀ náà.

Ó kàn máàtì. Mítà onígun mẹ́rin 3 ní 150 wáàtì jẹ́ 450 wáàtì. 230 lọ́nà 230 jẹ́ 52,900. Ẹ fi 450 pín in, ó jẹ́ nǹkan bí óòmù 118. Láti 112 dé 129 ló bófin mu. Mítà rẹ̀ kà 119. Mẹ́gà ní tirẹ̀ kọjá mẹgaóòmù 200. Wáyà tí onílé fẹ́ hú jáde kò ní àbùkù kankan.

Ó wá ku tẹmosítáàtì tuntun. Ìwé rẹ̀ sọ pé kílóòmù 12 ni sẹ́ńsọ̀ tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kílóòmù 10 ló wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ìgbà àtijọ́. Ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ fi sẹ́ńsọ̀ tuntun sílẹ̀ nínú páálí, ó so ti àtijọ́ mọ́ ọn, kò sì yí ètò padà. Bí ilẹ̀ ṣe gbóná díẹ̀ tí óòmù wálẹ̀ dé 10.6, tẹmosítáàtì tó ń retí sẹ́ńsọ̀ kílóòmù 12 ní, "Dígírì 28 rèé," ó pa iná. Ṣùgbọ́n 10.6 lórí sẹ́ńsọ̀ kílóòmù 10 kò tíì tó dígírì 24. Ilẹ̀ tó wà ní dígírì 24 kò tutù, kò sì gbóná: ẹsẹ̀ ènìyàn gbóná jù ú lọ, nítorí náà wọ́ọ́rọ́ ni yóò máa rí lára.

Ó wọ ibi ètò tó wà fún oníṣẹ́, ó yí irú sẹ́ńsọ̀ láti 12 sí 10. Nọ́ńbà ojú rẹ̀ wálẹ̀ sí 19, ó bá tẹmọ́mítà mu. Nígbà tó béèrè ooru, ó fi mítà onígbámú gbá wáyà kan ṣoṣo mú: áńpù 1.9 àti díẹ̀. 450 tí a fi 230 pín kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò fọ́ táìsì kankan. Bí tẹmosítáàtì náà kò bá ní ibi tí wọ́n ti ń yan sẹ́ńsọ̀ ni, ìbá fa ti àtijọ́ jáde nínú páípù, kó ti èyí tó wà nínú páálí wọlé.

Ohun tó lè burú jù ni òdìkejì rẹ̀: sẹ́ńsọ̀ kílóòmù 12 lábẹ́ tẹmosítáàtì tó ń retí 10. Nígbà náà ni ilẹ̀ yóò gbóná ju ohun tó wà lójú rẹ̀ lọ ní nǹkan bí dígírì 4. Lábẹ́ táìsì, ó lè jẹ́ pé owó iná nìkan ni yóò fi hàn. Lábẹ́ ilẹ̀ onípákó tàbí oníke tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju dígírì 27 lọ, ilẹ̀ yóò ká kò, yóò sì là.

Bí ìwọ̀n yín bá yàtọ̀ sí ti Líìdìsì

Bí sẹ́ńsọ̀ kò bá ka nǹkan kan, wáyà rẹ̀ ti já. Bó bá ka òdo tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, ojú méjèèjì ti kanra: tẹmosítáàtì yóò rò pé iná ń jó nílẹ̀, kò sì ní í tan. Ẹ gé ìdí wáyà náà díẹ̀ nínú àpótí kí ẹ tún un wọ̀n, torí ojú dídè tó ti jẹrà máa ń tan ènìyàn. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ fà á jáde nínú páípù kí ẹ fi tuntun sí i. Níbi tí kò bá sí páípù, ọ̀pọ̀ tẹmosítáàtì lè fi afẹ́fẹ́ yàrá ṣe ìwọ̀n dípò ilẹ̀, bó bá jẹ́ inú yàrá náà gan-an ló wà. Lábẹ́ táìsì mo lè gbà fún un fún ìgbà díẹ̀. Lábẹ́ pákó, rárá, torí kò sí ohun tí yóò sọ fún un mọ́ pé ilẹ̀ ti gbóná jù. Àwọn kan máa ń gbẹ́ ojú ìpàdé táìsì láti tẹ́ sẹ́ńsọ̀ tuntun síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ tan máàtì náà ṣáájú, kí ẹ fi kámẹ́rà tó ń rí ooru sàmì sí ọ̀nà tí wáyà gbà, kí ẹ pa iná, kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun.

Bí máàtì kò bá ka óòmù kankan, ó ti já níbì kan. Bí bírékà bá ń já ní gbàrà tó bá gba iná, tí mẹ́gà sì kà kékeré, rọ́bà rẹ̀ ti bó, omi tàbí ìṣó sì wà nídìí rẹ̀. Nígbà yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ fífọ́ táìsì ń wáyé, táìsì kan tàbí méjì náà sì ni. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n lu ihò sí kí ẹ tó wo ibòmíràn. Àwọn oníṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń wá ibi tí wáyà ti já wà, owó wọn sì kéré sí ti ilẹ̀ tuntun. Ohun èlò ìsopọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe máàtì náà fọwọ́ sí ni kí wọ́n lò, kì í ṣe téèpù dúdú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ibi tó bàjẹ́ kúrò kó wá so ìyókù pọ̀ kúkurú: bí wáyà tó ń gbóná bá kúrú, óòmù rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, wáàtì rẹ̀ yóò gòkè, yóò sì jó ara rẹ̀.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, tí sẹ́ńsọ̀ sì bá ètò mu, síbẹ̀ tí mítà onígbámú kà òdo nígbà tí àmì ooru wà lójú tẹmosítáàtì, inú tẹmosítáàtì ló ti kú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ń bọ́ lójú iṣẹ́ léraléra: ọ̀pọ̀ wọn kò gbọdọ̀ gbé ju áńpù 16 lọ, ìyẹn nǹkan bí 3,680 wáàtì. Bí ẹnì kan bá so máàtì yàrá ńlá méjì mọ́ ọ̀kan, ojú ìdè yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúdú.

Ilẹ̀ tó gbóná ṣùgbọ́n tó ń pẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ tó bàjẹ́. Bí wọn kò bá tẹ́ pátákó adènà ooru sáàárín máàtì àti kọnkéré, kọnkéré ni yóò kọ́kọ́ mu ooru, ó sì lè gbà á ní wákàtí mélòó kan.

Kí ẹ tó dá táìsì tí ẹ bá ṣí padà, ẹ tún wọn óòmù, ẹ tún ti mẹ́gà. Lẹ́yìn tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tán, ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ má sì tan iná títí gọ́ọ̀mù yóò fi gbẹ bí ìwé rẹ̀ ti wí. Ẹ kọ óòmù sẹ́ńsọ̀, óòmù máàtì, ìwọ̀n mẹ́gà àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n wọ́n sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí àpótí fíúùsì, kí ẹni tó bá tú tẹmosítáàtì náà lẹ́yìn yín lè mọ iye tó yẹ kó bá níbẹ̀.